Èwo Ló Ju Èwo? Bí A Ṣe Ń Fi Hàn Pé 2ⁿ Ju n² Lọ láti Orí 5 Títí Láé

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùkọ́ ìṣirò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wọ mọ́tò láti Mọníyà, láti Apátá, láti Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn tó wá láti òkèèrè náà, ẹ fara balẹ̀, Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń dá jókòó.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ẹ mú nọ́mbà kan lọ́kàn, ẹ pè é ní n. Ohun méjì ni kí ẹ ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ to 2 sílẹ̀ ní ìgbà n, kí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn. Ìyẹn ni 2ⁿ. Èkejì, ẹ sọ n di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìyẹn ni n². Èwo ló ju èwo?

Ẹ jẹ́ kí á wò ó. Bí n bá jẹ́ 1, 2 ni àkọ́kọ́, 1 ni èkejì, àkọ́kọ́ borí. Bí n bá jẹ́ 2, 4 rèé, 4 rèé; wọ́n ta ọ̀mì. Bí n bá jẹ́ 3, 8 ni àkọ́kọ́, 9 ni èkejì; èkejì borí! Ní 4, 16 rèé, 16 rèé. Ọ̀mì tún ni. Ní 5, 32 àti 25. Àkọ́kọ́ tún borí. Ní 6, 64 àti 36. Tí ẹ bá dé 10, 1024 àti 100 ni.

Ẹ ò rí i pé eré náà kọ́kọ́ ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún ni? Ó borí, ó ta ọ̀mì, wọ́n borí rẹ̀, ó ta ọ̀mì, ó tún borí. Lẹ́yìn náà ló dà bíi pé ó já sílẹ̀, tó ń sá lọ. Mo sọ pé ó dà bíi pé. Ta ló wá fi dá wa lójú pé kò ní tún yí padà ní 700? Ta ló rí 1 mílíọ̀nù débi tí yóò fi búra? Ìbéèrè tó gbé wa wá síbí lónìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mi kìíní: wíwò nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò sọ fún ọ pé, "Sà, mo ti dán an wò dé 20, ó ń ṣiṣẹ́." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fi nǹkan kan hàn. Àwọn àgbà wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Nínú ìṣirò, ọ̀la lè tàn ọ́ gan-an.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan tí ó ti pẹ́ láti ìgbà ayé Euler, ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó gbáyé ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn. Ẹ mú n² + n + 41. Ẹ fi 0 sípò n, ẹ ó rí 41. Ẹ fi 1 síbẹ̀, 43 ni. Ẹ fi 2 síbẹ̀, 47 ni. Gbogbo nọ́mbà tó ń jáde yìí, kò sí ohun tó lè pín ọ̀kankan nínú wọn dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ ní 3, ní 10, ní 25, títí dé 39. Ogójì ìgbà gbáko ni yóò jẹ́ òótọ́. Tí ẹ bá wá dé 40, 1681 ni yóò jáde, 1681 sì ni 41 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 41. Ó já sófo. Ẹni tó dán an wò dé 20, tó sì fọwọ́ sọ̀yà, kí ni yóò sọ?

Àwọn kan yóò ní, "Kakulétọ̀ ńkọ́?" Ẹ jẹ́ kí á gbé e. Kakulétọ̀ tí ẹ ń gbé wọ yàrá ìdánwò kò lè gba nọ́mbà tó bá ti tó 1 tí òdo 100 tẹ̀ lé. Ẹ tẹ 2 sí agbára 332, yóò dá yín lóhùn. Ẹ tẹ 2 sí agbára 333, "Math ERROR" ni yóò kọ sójú. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn 333 kò lópin. Ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ yóò sún ibi tó ti máa dákẹ́ síwájú ni, yóò ṣáà dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi kejì: ìpìlẹ̀ àti ìgbésẹ̀

Báwo wá ni ẹ̀dá tí ọjọ́ rẹ̀ lópin ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa nọ́mbà tí kò lópin? Ọ̀nà tí àwọn oníṣirò ń gbà ni wọ́n ń pè ní ìndọ́kíṣọ̀n. Ohun méjì péré ni ó ń béèrè. Àkọ́kọ́, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ ní nọ́mbà kan pàtó tí o fẹ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀. Èkejì, fi hàn pé ní gbogbo ibi tó wà láti ìpìlẹ̀ náà lọ, bí ó bá jẹ́ òótọ́ ní nọ́mbà kan tí a pè ní k, dandan ni kó jẹ́ òótọ́ ní èyí tó tẹ̀ lé e, k + 1. Ìyẹn ni ìgbésẹ̀.

Tí méjèèjì bá ti dúró, ó parí. Bí o bá bi mí nípa 700, màá ní ó jẹ́ òótọ́ ní 5, nítorí náà ó jẹ́ òótọ́ ní 6. Ó jẹ́ òótọ́ ní 6, nítorí náà ó jẹ́ òótọ́ ní 7. A ó máa rìn bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé 700, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ wa ti máa yẹ̀.

Níhìn-ín ni àwọn ọmọ ti máa ń dá mi dúró, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá dá mi dúró. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì àfikún kan ní Mọ́kọ́lá nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ohun tí a fẹ́ fi hàn náà gan-an lẹ ní kí á gbà yẹn?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. A ò gbà pé ó jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo. A ò tilẹ̀ gbà pé ó jẹ́ òótọ́ ní k. Ohun tí a sọ ni pé *bí* ó bá jẹ́ òótọ́ ní k, k + 1 kò lè bọ́ nínú rẹ̀. 'Bí' yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́."

Ẹ wò ó bí "bí" yẹn ṣe lè dá dúró láìsí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni: n > n + 1. Ẹ dán ìgbésẹ̀ rẹ̀ wò. Bí k bá ju k + 1 lọ, ẹ fi 1 kún apá méjèèjì, k + 1 ju k + 2 lọ. Ìgbésẹ̀ náà pé, kò lábùkù kankan, ní gbogbo k! Síbẹ̀, kò sí nọ́mbà kan ṣoṣo láyé tó ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kò ní ìpìlẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin olùkọ́, tí ọmọ kan bá kọ ìgbésẹ̀ tó dán mọ́rán láìfi ìpìlẹ̀ sí i, ẹ má fún un ní máàkì púpọ̀ nítorí àánú. Ẹ fi n > n + 1 yìí hàn án, yóò yé e.

Ọ̀rọ̀ mi kẹta: ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Ẹ sún mọ́ mi wàyí, torí pé ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ jù.

Nígbà tí a bá ń fi hàn pé nǹkan méjì dọ́gba, ìndọ́kíṣọ̀n máa ń rọrùn díẹ̀, torí pé ìdọ́gba máa ń gbé wa lọ tààrà. Ọkùnrin kan wà ní Sísílì, Francesco Maurolico lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1575, ó fi irú ọ̀nà yìí hàn pé tí a bá ro àwọn nọ́mbà tí kò ṣeé pín sí méjì pọ̀, láti 1 lọ, n² la máa rí. 1 nìyẹn. 1 + 3 jẹ́ 4. 1 + 3 + 5 jẹ́ 9. 1 + 3 + 5 + 7 jẹ́ 16. Ẹ dì í mú, a ó lò ó láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé "ju" ni a fẹ́ fi hàn, ìṣirò kì í gbé wa lọ tààrà. Yóò já wa sílẹ̀ níbì kan tó súnmọ́ ibi tí à ń lọ, àwa la ó wá ọ̀nà tí a fi máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́. A gbà pé 2ᵏ > k². A fẹ́ dé ibi 2ᵏ⁺¹ > (k + 1)². Kí ni 2ᵏ⁺¹? 2ᵏ tí a sọ di ìlọ́po méjì ni. Nítorí náà, ẹ sọ apá méjèèjì ohun tí a gbà di ìlọ́po méjì:

2ᵏ⁺¹ > 2k²

Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ibi tí à ń lọ nìyí? Rárá o. (k + 1)² là ń wá, 2k² la rí. Àlàfo tó wà láàárín 2k² àti (k + 1)² yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Mo ti rí ìwé ìdánwò ọmọ kan tó dé ibí, ó kọ 2ᵏ⁺¹ > 2k², ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé "nítorí náà 2ᵏ⁺¹ > (k + 1)²". Ó fo àlàfo náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìwé rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n "nítorí náà" yẹn kò ní ìdí kankan. Ẹ fi 1 sípò k kí ẹ wò ó: 2k² jẹ́ 2, (k + 1)² jẹ́ 4. 2 kò tó 4. Ẹ fi 2 síbẹ̀: 2k² jẹ́ 8, (k + 1)² jẹ́ 9. Kò tó síbẹ̀. Àlàfo náà kì í ṣe ti ẹnu lásán, ó lè gbé ènìyàn mì.

Kí la máa ṣe? A ó bi ara wa pé: nígbà wo ni 2k² máa ń tó (k + 1)² tàbí kó jù ú lọ? Ẹ tú (k + 1)² palẹ̀, k² + 2k + 1 ni. Ẹ yọ k² kúrò ní apá méjèèjì. Ó ku kí á mọ ìgbà tí

k² ≥ 2k + 1

Tí k bá ti tó 5, ó rọrùn láti rí. k² ni k tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú k, nígbà tí k sì tó 5, kò lè dín ní 5k. 5k jẹ́ 2k + 3k, 3k sì ju 1 lọ fíìfíì. Ó parí. Ẹ wá to gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan, kí ẹni tó ń kà á lè rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀:

2ᵏ⁺¹ = 2ᵏ + 2ᵏ > k² + k² ≥ k² + 2k + 1 = (k + 1)²

Ẹ wo ojú àmì wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn ló kọjú sí ibì kan náà. Ìdọ́gba, jù, jù tàbí dọ́gba, ìdọ́gba. Nítorí pé wọn kò kọjú síra wọn ni a fi lè so èyí tó wà ní òpin méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, gbogbo rẹ̀ ti já. 6 ju 4, 9 náà ju 4. Ṣé ìyẹn sọ fún wa pé 6 ju 9? Mo máa ń rí ìwé àwọn ọmọ tó kọ ohun méjì tó jẹ́ òótọ́, tí àmì wọn dojú kọra, tí wọ́n sì fà á yọ láàárín wọn ohun tí kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ń máàkì, ẹ fi ìka tọ àwọn àmì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.

Àṣìṣe mìíràn wà tó máa ń bojú jẹ́ ẹ̀rí. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti òpin. Yóò kọ 2ᵏ⁺¹ > (k + 1)² sókè pátápátá, ohun tí à ń wá gan-an, yóò máa yọ, yóò máa fà, títí yóò fi dé ohun kan tó jẹ́ òótọ́, yóò wá ní, "ó jẹ́ òótọ́, nítorí náà mo ti fi hàn." Kí ló burú níbẹ̀? Ohun tó burú ni pé irọ́ lè bí òótọ́. Ẹ mú −5 > 3. Irọ́ gbáà ni. Ẹ sọ apá kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 25 > 9 ló jáde. Òótọ́ ni! Ṣé −5 wá ju 3 nìyẹn? Nítorí náà, ẹ lè ti ẹ̀yìn rìn nínú ìwé tí ẹ fi ń gbìyànjú, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí àlàfo náà ń béèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ohun tí ẹ gbà ni kó wà lókè, ohun tí ẹ ń wá ni kó kẹ́yìn.

Fún ẹni tí ìṣirò lásán kò bá tíì yé, mo máa ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ fojú inú wo àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní ọjà Bódìjà, tí olúkúlùkù ní kóló tirẹ̀. Èkíní fi náírà 2 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, òfin tirẹ̀ sì ni pé iye tó bá wà nínú kóló òun ni òun ó tún jù sí i lọ́jọ́ kejì. Èkejì ń tẹ̀ lé nọ́mbà Maurolico: ó ju 1, ó ju 3, ó ju 5, ó ju 7, ó ju 9. Ní ọjọ́ karùn-ún, èkíní ní náírà 32, èkejì ní 25. Lọ́jọ́ kẹfà, èkíní ju 32 sí i, èkejì ju 11. Lọ́jọ́ keje, èkíní ju 64, èkejì ju 13. Ẹ rí i? Owó tí èkejì ń jù ń fi 2 péré ga sí i lójoojúmọ́. Owó tí èkíní ń jù ni gbogbo ohun tó ti kó jọ, gbogbo ohun tó sì ti kó jọ ti ju k² lọ, k² sì tó 2k + 1 tí èkejì fẹ́ jù. Èkíní ti wà níwájú, ohun tó sì ń jù lóòjọ́ ju ti èkejì lọ. Ibo ni èkejì fẹ́ gbà lé e bá? Ohun tí ìlà gígùn òkè yẹn ń sọ gẹ́lẹ́ nìyí.

Ọ̀rọ̀ mi kẹrin: ibi tí ìgbésẹ̀ ti ń mú ilẹ̀ àti ibi tí ìpìlẹ̀ wà lè má jẹ́ ibì kan náà

Mo sọ pé tí k bá tó 5, k² tó 2k + 1. Ṣùgbọ́n ṣé 5 ló kéré jù tí ìyẹn fi jẹ́ òótọ́? Ẹ jẹ́ kí á wádìí rẹ̀ dáadáa. k² ≥ 2k + 1 kò yàtọ̀ sí (k − 1)² ≥ 2. Ní k = 1, 0 ni (k − 1)²; kò tó. Ní k = 2, 1 ni; kò tó. Ní k = 3, 4 ni; ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Láti 3 lọ sókè, kò ní kùnà mọ́.

Ìgbésẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́ láti 3 nígbà náà. Kí ló dé tí a ò bẹ̀rẹ̀ láti 3? Torí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́ ní 3. 8 kò ju 9. Kì í ṣe òótọ́ ní 4 pẹ̀lú, torí pé 16 kò ju 16. Ẹ̀ka méjì ni iṣẹ́ wa, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ bi ìgbésẹ̀ pé, "Láti ibo lo ti ń mú ilẹ̀?" Yóò ní láti 3. Ẹ wá máa wò láti ibẹ̀ lọ títí ẹ ó fi rí nọ́mbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́. 3, rárá. 4, rárá. 5, bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìpìlẹ̀ lé.

1 wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ ní 1, 2 ju 1 lọ. Ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kò tíì dé. Láti 1 sí 2, n² fi ìlọ́po mẹ́rin fò sókè, láti 1 sí 4, nígbà tí 2ⁿ kò lè ṣe ju ìlọ́po méjì. Láti 2 sí 3, n² fi ìlọ́po 2.25 sókè, ó ṣì ju méjì lọ. Láti 3 sí 4, ìlọ́po 1.78 ni, ó ti rẹlẹ̀ sí méjì. Láti 4 sí 5, 1.56. Láti 5 sí 6, 1.44. Bó ṣe ń lọ ló ń rọ̀, ó ń súnmọ́ 1, nígbà tí 2ⁿ kò yẹ̀ lórí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdí nìyí tí eré náà fi fì síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀. n² lo ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láti lé 2ⁿ bá kó sì kọjá rẹ̀, agbára rẹ̀ bá tán.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ "≥" dípò ">", ìpìlẹ̀ yóò sún sí 4, torí pé 16 tó 16. Ìgbésẹ̀ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí àlàfo àárín méjèèjì ti fẹ̀ jù báyìí lọ. 2ⁿ àti n³. Ìgbésẹ̀ ń béèrè pé kí 2k³ tó (k + 1)³. Ẹ tú u, ẹ yọ k³, ó ku k³ ≥ 3k² + 3k + 1. Ní k = 3, 27 ni apá kan, 37 ni apá kejì; kò tó. Ní k = 4, 64 rèé, 61 rèé. Ó tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 péré ló fi jù ú. Láti 4 lọ ni ìgbésẹ̀ ti mú ilẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí. Ní 4, 16 kò tó 64. Ní 5, 32 kò tó 125. Ní 6, 64 kò tó 216. Ní 7, 128 kò tó 343. Ní 8, 256 kò tó 512. Ní 9, 512 kò tó 729. Ní 10, 1024 ju 1000! Ẹ̀kẹwàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ borí, ó sì fi 24 borí. Láti 4 títí dé 9, ìgbésẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, kò rí ohun tó máa gbé, torí pé "bí" rẹ̀ kò ṣẹ. 9 kọ́ ló mú kí 10 jẹ́ òótọ́. 1024 àti 1000 fúnra wọn ló jẹ́rìí. Ẹni tó bá rí ìgbésẹ̀ tó dúró láti 4, tó sì sáré kọ̀wé pé 2ⁿ > n³ láti 4 lọ, nọ́mbà mẹ́fà ló ti purọ́ mọ́ yẹn.

Láti 10 lọ, bí a ṣe máa kọ àlàfo náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fò ó. k³ kò lè dín ní 10k², ìyẹn 3k² + 7k². 7k² kò lè dín ní 70k, 70k sì ju 3k + 1 lọ. Nítorí náà k³ ju 3k² + 3k + 1 lọ. Ẹ so ó mọ́ 2ᵏ > k³ bí a ṣe so ti àkọ́kọ́, ó parí.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn

Màmá kan, olùkọ́ àgbà ni wọ́n, dìde, wọ́n ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bí àwọn ọmọ wa bá béèrè n⁴ lọ́wọ́ wa lọ́la, níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ṣeun, ma. Ẹ jẹ́ kí á ṣe é níṣojú gbogbo ayé, ní ọ̀nà kan náà. Ẹ kọ́kọ́ bi ìgbésẹ̀ léèrè. Ní k = 5, 2k⁴ jẹ́ 1250, (k + 1)⁴ sì jẹ́ 1296; kò tó. Ní k = 6, 2592 àti 2401; ó tó. Ìgbésẹ̀ mú ilẹ̀ láti 6. Ẹ wá máa wá ìpìlẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Yóò pẹ́ kí ẹ tó rí i. Ní 10, 1024 kò tó 10000. Ní 15, 32768 kò tó 50625. Tí ẹ bá dé 16, ẹ ó rí 65536 ní apá kan, ẹ ó rí 65536 ní apá kejì. Ọ̀mì gẹ́lẹ́ ni, bíi ti 4 nígbà tí à ń ṣe n². Ní 17, 131072 rèé, 83521 rèé. Orí 17 ni kí ẹ fi ìpìlẹ̀ lé, ma.

Fún àlàfo náà, ẹ nílò pé kí k⁴ tó 4k³ + 6k² + 4k + 1. Tí k bá tó 17, k⁴ kò lè dín ní 17k³, ìyẹn 4k³ + 13k³. 13k³ kò lè dín ní 221k², ìyẹn 6k² + 215k². 215k² sì ju 4k + 1 lọ. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sórí pátákó fúnra wọn, kí wọ́n fi ìka tọ àwọn àmì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ ṣé púpọ̀.